Ẹ Kú Ìjókòó, Ẹ̀gbọ́n Mi

Awò ojú ni mo ń ṣe jẹun. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, èmi ló ń wá bá. Àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, ló fà mí wọ eré ẹlẹ́ẹ̀mẹta: a óò lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, a óò gun kẹ̀kẹ́, a óò wá fẹsẹ̀ sáré dé òpin. Aago kì í dúró láàárín wọn. Àsìkò tí èèyàn fi ń pààrọ̀ bàtà, inú eré náà ló wà. Èmi ò mọ̀. Mo rò pé wọ́n á jẹ́ ká mí díẹ̀ ni.

Ká sọ tòótọ́, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo díje, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde lódò. Àbúrò mi ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bá omi jà. Mo fi ìgbéraga sáré wọ ibi tí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ sí. Kẹ̀kẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo wọn fi ìjókòó kọ́ sára irin gbọọrọ. Awò ojú mi wà nínú bàtà mi, bàtà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ mi sì wà níbi tí ojú mi ò lè rí láìsí awò. Èmi tí mo ń la ojú gbogbo àdúgbò! Mo di kẹ̀kẹ́ kan mú, obìnrin kan ní, "Bọ̀dá, tèmi nìyẹn o."

Nígbà tí mo rí tèmi, mo tẹ́ táwẹ̀lì, mo jókòó, mo ń nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti ọmọ tuntun. Mo fa ìbọ̀sẹ̀, ó kọ̀ láti wọ ẹsẹ̀ tútù. Ibẹ̀ ni àbúrò mi bá mi. Ó dé akoto, ó de okùn rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀gbọ́n mi!" Ó ti lọ.

Ìtìjú mú kí n fò dìde, mo gbá kẹ̀kẹ́ mú. Rẹfirí fọn fèrè. "Bàbá, ẹ dá a padà. Ẹ de akoto yín kí ẹ tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́."

Nígbà tí a délé, mo ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló dára ju tèmi lọ.

Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ wo? Orí táwẹ̀lì tí ẹ jókòó lé ni mo ti nà yín."

Bó ṣe di pé a ń kọ́ ìpààrọ̀ láti omi sí orí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Á da omi sí mi lórí, á ní kí n sáré wá síbi kẹ̀kẹ́. Ó gbé akoto mi ka orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ kọjú sókè, ó tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi awò ojú mi sínú rẹ̀. Ó yọ okùn bàtà eré mi, ó fi okùn tó ń fà bíi rọ́bà rọ́pò rẹ̀, kí n má baà so nǹkan kan. Ó gba ìbọ̀sẹ̀, ó bu àtíkè sínú bàtà. Ó ní kí n fi jíà kẹ̀kẹ́ sí èyí tó fúyẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má kánjú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ ohun tó kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ẹ rìn láti etí omi dé ìdí kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ ka irin tó wà láàárín. Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ pupa ẹnì kan ṣàmì o, ẹni tó ni ín lè ti gbé e lọ."

Ó tún wò mí. "Ẹ ń ta awò ìwẹ̀ tó bá ojú mu fún oníbàárà, ẹ̀yin wá ń fi ojú lásán wọ odò?"

Mo mú awò ìwẹ̀ kan lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo ti rí àwọn ọkùnrin kan lórí fóònù tí wọ́n so bàtà mọ́ pẹ́dà, tí wọ́n ń sáré fò gun kẹ̀kẹ́. Mo dán an wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Inú òdòdó ìyàwó mi ni mo balẹ̀ sí. Àbúrò mi ní kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wọ bàtà rẹ̀ nílẹ̀.

Nínú eré kejì, mo jáde lódò, mo ka irin, mo rí kẹ̀kẹ́ mi. Akoto, okùn, awò, bàtà. Mo ti kẹ̀kẹ́ kọjá ìlà tí òfin ní ká kọjá ká tó gùn ún, mo wá gùn ún. Nígbà tí mo padà dé, mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó kan ìlà, mo fi kẹ̀kẹ́ kọ́, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà eré, mo yí bẹ́líìtì tí nọ́ńbà eré mi wà lára rẹ̀ síwájú bí mo ṣe ń sáré lọ. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé ni!

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo juwọ́ sí wọn bí ọba. Mo ti sáré jìnnà kí àbúrò mi tó bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń retí kí òkúta bọ́ látòkè ni?"

Mo fọwọ́ kan orí. Akoto ṣì wà níbẹ̀, mo dè é gírígírí. Kí n tó tú u, kí n tó gbé e há abíyá, àbúrò mi ti fi mí sílẹ̀. Ó ṣíwájú mi dé òpin, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi jù mí. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí dáadáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bíbọ́ akoto nìkan la kọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ń wò wá lójú fèrèsé. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìyẹn náà ní ilé ẹ̀kọ́.