Ìwàásù Félísítè Tí Mo Túmọ̀

Òórùn ẹyìn tí Màmá ń sè lẹ́yìnkùlé wa ní Pobè ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, inú sì ti ń bí mi kí n tó la ojú tán. Ìsìn àwọn ọ̀dọ́ ni. Félísítè ló máa wàásù, kì í ṣe èmi.

Félísítè! Ọmọ Sakété tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi tí mo ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni pásítọ̀ gbé fún mi: bí Félísítè bá ti sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí n gbé e sí èdè Gùn fún àwọn ìyá tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Màmá mọ̀ mí. "Ìwọ ọmọ yìí, bí nǹkan ẹlòmíì bá ti dáa, inú rẹ á bàjẹ́."

Pásítọ̀ ti kọ́ àwa méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lórí ìdáríjì, ẹsẹ Bíbélì kan, kókó kan. "Gbólóhùn kúkúrú ni o, kí ògbufọ̀ lè rí i gbé. Ẹ má sọ fún wọn pé ìdáríjì ni kéèyàn ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ yín ṣe. Kí ẹ sì parí rẹ̀ sí ohun tí ọ̀dọ́ lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí." Félísítè kọ ìwàásù náà sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n ń kọrin, kàyé náà wà lórí àga. Mo ya ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kì wọ́n bọ àpò aṣọ mi. Mo fẹ́ kó dúró níwájú gbogbo èèyàn kó máa kólòlò, kí pásítọ̀ kábàámọ̀.

Ó ṣí kàyé, ó wo ibi tó ya, ó wò mí. Ó pa á dé, ó bẹ̀rẹ̀ láìwo ìwé: ìtàn ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jowú, tí wọ́n sì tà. "Nígbà tó tún rí wọn, kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó ní, ẹ̀yin lẹ tà mí. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló gbá wọn mọ́ra." Mò ń túmọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó wá ní, "Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan ya ìwàásù mi. Ó dùn mí gan-an. Mo ti dárí jì í."

Ó ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní"; bí oníwàásù bá pe "mo", "mo" náà lòun á pè. Ojú gbogbo àwọn ìyá wà lára mi. Mo fo gbogbo rẹ̀, mo sọ ní Gùn pé, "Ọlọ́run ti dárí jì wá." Wọ́n ní, "Àmín!"

Félísítè gbọ́ Gùn dáadáa. Kò tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó kàn ní kí olúkúlùkù lọ bẹ ẹnì kan tó ṣẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Mi ò sì lọ.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwàásù báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n pe Félísítè wá wàásù níbì kan, ara mi ṣì máa ń ta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn ń bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀ pé òun ló ṣe é. Èmi àgbà yìí mọ̀ pé ó ti dárí jì mí látọjọ́ náà. Èmi ni mi ò tíì dárí jì í pé ó dáa jù mí lọ.