Àpá Ìdí Ìkòkò

Ìyáálé mi, Mùíbátù, kò lè jẹun nílé onílé kó má wo ìdí abọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ní Joju, tó gbé abọ́ ọbẹ̀ sókè tó sì tẹ ọrùn wo ìdí rẹ̀, tí ọbẹ̀ fi ń dà sí aṣọ ìyá ọmọ. Ojú tì mí! Òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Ó ní, "Jàpáàn ni. Ẹni tó sọ fún yín pé Jámánì ni ti rẹ́ yín jẹ." Lórí abọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é lálejò o!

Abọ́ tánńganran àti ìkòkò irin ló ń tà lọ́jà Ọ̀tà láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ẹnìkan bá gbé abọ́ wá pé ti àtijọ́ ni, èékánná ni Mùíbátù máa kọ́kọ́ fi ha àmì tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tí wọ́n yan mọ́ abọ́ nínú iná kì í ṣí. Èyí tí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan fi ọ̀dà kùn nínú yàrá rẹ̀ á bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà á wá ibi tí tánńganran ti ṣí, kó lè mọ̀ bóyá irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ tàbí irin dídà tó nípọn. Á fọwọ́ pa ibi tí etí abọ́ ti so mọ́ ara rẹ̀, bóyá ìṣó ni wọ́n fi kàn án. Gbogbo èyí, ariwo ló fi ń ṣe é. Ẹnu obìnrin náà kò mọ ìsinmi, orí sì máa ń fọ́ mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ mí di ẹni tó ń gbádùn ariwo yẹn.

Ogun Hítílà ti parí nígbà náà. Ìkòkò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà nílé wa, ti ìyá ọkọ wa tó ti kú. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ẹnìkan ní Itele fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀, ó wá yá a. Wọ́n sè, wọ́n jẹ, wọ́n dá ìkòkò padà, èmi náà gbà á, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò dúdú ni mo yá wọn, ìkòkò dúdú ni wọ́n dá padà. Kí ni mo tún fẹ́ wò?

Àfi ìgbà tí Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Láwàlì, wá gbé e. Ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi igbe ta.

"Ìyàwó, ìkòkò ìyá mi dà?"

"Òun lẹ gbé dání yẹn, Ìyá Láwàlì."

"Irọ́ ni! Àpá wà nídìí ti ìyá mi! Ọkọ́ ló kàn án nígbà tí ilé ń jó tí wọ́n fi ń wọ́ ọ jáde. Ìdí èyí ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. O ti tà á! Tàbí kẹ̀, o ti fi òkúta lọ àpá rẹ̀ dànù!"

Kí ni mo fẹ́ fi òkúta lọ ìdí ìkòkò sí? Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré? Wọ́n pe ẹbí jọ, wọ́n ní tó bá di Jímọ̀ kí n fọwọ́ lé Kùránì níwájú Ààfáà, kí n búra. Mùsílíù ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin! Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Kì í ṣe pé mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìyàwó tí wọ́n bá ti mú búra, orúkọ rẹ̀ ti yí padà nínú ilé náà nìyẹn. Bó bá búra tán tí òjò kò rọ̀, òun ni. Bí ewúrẹ́ kú, òun ni. Mo ti ń di ẹrù mi.

Mùíbátù dé láti ọjà, ó bá mi nínú ẹkún. Kò ṣìpẹ̀ fún mi o. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, ó yí ìkòkò náà sọ́tùn-ún sósì, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Láwàlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lọ nǹkan kan dànù níbí. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ibi tí wọ́n gbà da irin yíyọ́ sí èyí nìyí. Ìdí ni wọ́n gbà da ti ìyá yín. Ìkòkò mìíràn ni, tuntun sì ni. Ta ni yóò ta ògbólógbòó, tí yóò wá lọ ra tuntun fi dípò rẹ̀? Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ níbi ìdáná ni. Ẹ dìde, ká lọ sí Itele."

A gbé ìkòkò tuntun yẹn dání. Ilé Àpọ́nlé, obìnrin tó se oúnjẹ wòlímọ̀ náà, ni wọ́n júwe fún wa. Bó ti rí ohun tó wà lórí mi ló pariwo, "Háà! Ìkòkò tuntun mi tí mo ti ń wá!" Ara mi kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá méjì ló wà ní àgbàlá rẹ̀, Ìyá Láwàlì sì ti dojú èyí tó sún mọ́ ọn dé. Àpá ọkọ́ wà nídìí rẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́.

"Òun nìyí! Ìkòkò ìyá mi!"

"Ẹ gbé e sílẹ̀!" ni Àpọ́nlé wí. "Ti ìyá tó bí mi lọ́mọ ni!"

Àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ja ìjà. Mùíbátù dojú ìkòkò kejì dé. Àpá wà nídìí òun náà, gígùn kan náà, ojú kan náà.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ó ní. "Ilé méjèèjì ló jó, ọkọ́ kan náà ló kan ìkòkò méjèèjì? Ìyá Láwàlì, ọkọ́ kọ́. Ibi tí irin gbà wọlé nìyẹn. Bó bá tutù tán, wọ́n á ṣẹ́ ìyókù kúrò, ojú ibẹ̀ á wá ṣẹ́kù. Gbogbo ìkòkò àtijọ́ ló ní in."

Mo wo ìkòkò kan, mo wo èkejì. Bí àpá kò bá lè sọ èyí tó jẹ́ ti ìyá ọkọ wa, kí ni yóò sọ ọ́?

"Ta ló máa ń fọ ìkòkò ìyá yín?" Mùíbátù bi í.

"Èmi ni. Láti kékeré."

"Ẹ fọwọ́ yí wọn ká bí ẹni ń fọ̀ wọ́n. Apá méjì ni yanrìn tí wọ́n gbẹ́ bí ìkòkò, tí wọ́n ń da irin sí. Ibi tí wọ́n ti pàdé máa ń fi ìlà sílẹ̀ láti ẹnu dé ìdí. Bí apá kan bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ìlà náà á ga ju èkejì lọ. Ìkòkò méjì kì í yẹ̀ bákan náà."

Ìyá Láwàlì kọ́kọ́ fọwọ́ yí èyí tí Àpọ́nlé ń pè ní ti ìyá rẹ̀ ká. Ìlà rẹ̀ tẹ́jú. Ó wá fọwọ́ sí èkejì, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ibí yìí," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ibí yìí ló máa ń gé mi lọ́wọ́. Bí mo bá ké, Màámi á ní ọ̀lẹ ni mí, pé mi ò fẹ́ fọ ìkòkò." Ó gbé ojú lé ìkòkò dúdú náà, ó sunkún bí ọmọdé. Àpọ́nlé fọwọ́ kan tirẹ̀, ó ní èyí ni tòun, kí wọ́n máa gbé ti ìyá wọn lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Alihamudulilai! Kò sí Jímọ̀ mọ́, kò sí Kùránì, kò sí ẹrù dídì. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo fẹ́ gbá Mùíbátù mọ́ra, àmọ́ òun ti ń wo ìdí abọ́ omi tí Àpọ́nlé gbé fún wa.

Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìkòkò náà. Ìyàwó ló ń ru ẹrù, ta ni kò mọ̀? Ìyá Láwàlì gbá mi lọ́wọ́ kúrò. Kò sọ pé kí n má bínú. Ó ká òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí Mùíbátù gbé e lé òun lórí.

Títí a fi dé Ọ̀tà, gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń bi í pé, "Ìyá Láwàlì, ìyàwó yín ń rìn lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yin lẹ ń ru ìkòkò?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi."