Àwọn Oníbàárà Tí Ìpolówó Wa Kò Rí

Nígbà tí mò ń bójú tó ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ìnfátà, bátìrì àti sólà ní Àlàbá, ọ̀gá mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n sì yí kọ̀ǹpútà wọn sí mi. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Wo ibí. Ìròyìn láti iléeṣẹ́ ìpolówó ní ènìyàn mẹ́rin péré ló tipasẹ̀ ọ̀kan nínú ìpolówó wa méjèèjì rajà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé ká dá a dúró ni?"

Mẹ́rin náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ra ọjà lórí wẹ́bsáìtì wa lọ́sẹ̀ yẹn lé ní ogún. Bí a bá tiẹ̀ ro ti ìpolówó kejì mọ́ ọn, iye náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ibo ni àwọn yòókù gbà wọlé? Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó bá wá gbé ọjà wọn léèrè. Obìnrin onídìrí kan láti Ìyànà Ìbà rẹ́rìn-ín. "Orí fóònù ni mo ti rí ìpolówó yín, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó padà wá rà á." Mo ní kó jẹ́ kí n wo fóònù náà. Irú èyí tó máa ń pa kúkì rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni. Kúkì ni àmì kékeré tí wẹ́bsáìtì fi ń dá ènìyàn mọ̀ tó bá tún yà wọlé. Nígbà tí obìnrin yìí padà dé, àlejò tuntun ló jọ lójú ẹ̀rọ.

Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Okokomaiko. Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

"Wẹ́bsáìtì yín bi mí bóyá mo gbà kí ẹ máa tọ ipasẹ̀ mi. Mo ní mi ò gbà. Bátìrì ni mo wá rà. Kí lẹ fẹ́ fi ìrìn mi ṣe?"

Mo gbé bátìrì wọn fún wọn. Òfin ló ní ká béèrè, wọ́n sì ti dáhùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbà, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Má fi í mọ sórí ohun tí fóònù oníbàárà ń sọ fún iléeṣẹ́ ìpolówó; jẹ́ kí sáfà yín náà, kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́bsáìtì yín ró, máa gba ìròyìn, kó sì fi èyí tó yẹ ránṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún yín, ẹ sọ ọ́ di àdììtú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà kó tó jáde. Bí iléeṣẹ́ náà bá ti ní nọ́ńbà kan náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sọ tiwọn di àdììtú lọ́nà kan náà, méjèèjì á bára mu, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹni tó tẹ ìpolówó ló rajà."

A ṣe é. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye tí ìròyìn gbé wá ju iye ọjà tí a tà lọ. Inú ọ̀gá mi dùn, ṣùgbọ́n ara fu mí. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, fóònù oníbàárà ròyìn ọjà kan, sáfà náà tún ròyìn ọjà yẹn kan náà. A wá fi nọ́ńbà ọjà kan náà sára méjèèjì, iléeṣẹ́ ìpolówó sì kà wọ́n sí ẹyọ kan.

Níbi tí mo ti ń tú àwọn ìròyìn náà wò ni mo ti rí ọjà kejì tí bàbá olùkọ́ rà. Sáfà wa ti fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́! "Mi ò gbà" tí wọ́n tẹ̀ kò kúrò nínú fóònù wọn; a kò kọ́ sáfà láti béèrè rẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá mi.

"Ṣé bàbá lè mọ̀?"

"Wọn ò lè mọ̀, mà."

"Ó dáa. Pe bàbá, kí o sọ fún wọn. Pa sáfà yẹn títí yóò fi mọ ẹni tó ní òun kò gbà."

Mo pè wọ́n. Mo ṣàlàyé, mo tọrọ àforíjì, mo ní a ti bẹ iléeṣẹ́ ìpolówó pé kí wọ́n pa nọ́ńbà náà rẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo ń retí ìbínú. Ṣùgbọ́n bàbá ní, "Báwo ni nọ́ńbà ṣe ń di àdììtú? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa." A pẹ́ gan-an lórí fóònù. Ìbéèrè wọn le ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ìròyìn ìpolówó kò bá ìwé tí a ń kọ ọjà tí a tà sí dọ́gba, kò sì lè dọ́gba láé, torí àwọn tó kọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ìwé tiwa la fi ń díwọ̀n rẹ̀. A tún ń bi àwọn tó bá rajà pé, "Ibo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Ẹni tó bá wù ú á dáhùn. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó hàn pé ìpolówó tí ọ̀gá mi fẹ́ dá dúró ló ń mú àwọn tó ń ra sólà wá, ìpolówó kejì, tí gbogbo wa ń yìn, kò mú ẹnikẹ́ni wá. Ìpolówó kejì yìí ni ọ̀gá mi dá dúró.