Fáìlì Tó Ń Ṣí Fúnra Rẹ̀

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ìlera l'Óṣogbo kì í gba ẹ̀bi ara rẹ̀. Tí kò bá dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Iléṣà lóhùn lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n béèrè, á ní èmi ni n kò tètè ti ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó dé láti ṣí fáìlì Excel, kí ìròyìn tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú dáríkítọ̀ wa, obìnrin tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì náà. 

Mo kọ àṣẹ kékeré kan tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀lé fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí a kì í pa, mo sì ní kó máa ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́. Á ṣí fáìlì náà, á fa ìròyìn tuntun, á dúró títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé tán, á tọ́jú rẹ̀, á sì pa á dé. N kò sọ fún ọ̀gá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò dá mi dúró ní Old Garage, níbi tí mo ti ń wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ọ̀gá ti mú dáríkítọ̀ wá sí ìdí tábìlì mi.

"Mà, ẹ wò ó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Báwo la ṣe máa mọ ohun tí Iléṣà fẹ́?" ni ọ̀gá wí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fáìlì náà," ni mo wí.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà ló wà lókè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkókò tí ìròyìn wọlé kẹ́yìn. Ohun tí Iléṣà béèrè wà nísàlẹ̀, ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta láìsí èsì.

"Ta ló yẹ kó dá wọn lóhùn?" ni dáríkítọ̀ bi ọ̀gá.

 Mo tẹjú mọ́ ọ̀gá títí ó fi wolẹ̀. Ó dùn mọ́ mi jọjọ, n kò sì kábàámọ̀.