Wákàtí Tí Ìyá Kíá Kò Kọ Sílẹ̀

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìdí Ìyá Kíá kò ti gba àga. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó to àwọn bírò orí tábìlì láti èyí tó tóbi dé èyí tó kéré, ó tún tú wọn ká. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé èèrà wọ̀ ọ́ láṣọ.

Àwọn mẹ́ta péré ló wà ní ọ́fíìsì náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì: ọ̀gá, tó ń ro bí ilé yóò ṣe rí, Ìyá Kíá, tó ń ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti máa bá a yà á. Àbúrò ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìyá Kíá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì fi ọdún méjìlá ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ.

Òfin kan wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́, kálukú gbọ́dọ̀ kọ ìwé wákàtí: iṣẹ́ ta ni mo ṣe, kí ni mo ṣe níbẹ̀, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwọ̀n tó kéré jù. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń mọ iye tí oníbàárà yóò san. Ibẹ̀ náà ló ti ń mọ bí iṣẹ́ tó ń bọ̀ yóò ṣe pẹ́ tó àti iye ọwọ́ tó lè gbé e.

Ìwé yìí ló sọ obìnrin náà ní Ìyá Kíá. Wákàtí mẹ́jọ ló máa ń kọ sí ìwé àwòrán kan, mẹ́jọ gééré, bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. "Kíá, ó ti parí!" ni ọ̀gá máa ń wí, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé pẹ́ńsù àti rúlà ni ìyá náà fi kọ́ṣẹ́, pé àgbà ló bá kọ̀ǹpútà pàdé, wọn kò sì tíì mọwọ́ ara wọn dáadáa. Ṣáájú aago méje ni ó ti máa ń dé, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Kò kọ ìyẹn. Bí ó bá ṣi ògiri kan yà tó pa á rẹ́ tó tún un yà, kò kọ ìyẹn náà. Ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò jẹ́ kí òun gbé àṣìṣe òun lé oníbàárà lórí. Ìyá náà kò ní mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn láéláé; wákàtí ara rẹ̀ nìkan ló ń jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀gá pè é sídìí tábìlì tirẹ̀.

"Màmá, ẹ wo nǹkan. Mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ: tiyín nìyẹn. Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá: ti Àbúrò nìyẹn. Irú iṣẹ́ kan náà!"

"Ọmọdé ni, Ọ̀gá. Yóò mọ̀ ọ́n."

"Oṣù mẹ́ta tí a fi ń wò ó parí lọ́jọ́ Ajé. Màá ní kó máa lọ. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn ti délẹ̀, ìwé àwòrán mẹ́wàá. Mẹ́jọ yín ni mo fi ṣírò rẹ̀: ọgọ́rin wákàtí, ẹ̀yin àti ẹlòmíràn tọ́wọ́ rẹ̀ yá, ọ̀sẹ̀ kan. Aago méjì ni mo fẹ́ fi iye owó àti àsìkò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn."

Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni èèrà ti wọ Ìyá Kíá láṣọ.

Ó bá Àbúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o máa ń kọ gbogbo nǹkan? Mo rí i níbẹ̀: 'Mo ṣi fèrèsé yà, mo tún un yà, wákàtí kan àti ààbọ̀.' Ta ló bi ọ́?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Ìwé yẹn ló bi mí, mà. Bí mi ò bá kọ ọ́, níbo ni kí n ní wákàtí yẹn gbà lọ?"

"Ó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ."

"Ó ti jókòó tì mí, mà. Ọ̀gá ti ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ mẹ́jọ, mẹ́jọ náà ni wọ́n máa fún mi nígbà mìíràn, ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà?"

Ìyá Kíá kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ náà. Ó wọ ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbàdúrà kí Olúwa fi àánú sí ọ̀gá lọ́kàn. Àdúrà náà kò kọjá àjà. Òun náà mọ ìdí rẹ̀: ọkàn tó yẹ kí Olúwa tún ṣe kọ́ ló dárúkọ.

Aago kan ọ̀sán kọjá. Ó jáde sí kọ́rídọ̀, ó padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, ó ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan, ó padà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá ní, "Màmá, kí ló ń lé yín?"

"Mẹ́jọ yẹn, Ọ̀gá. Kì í ṣe mẹ́jọ."

"Mélòó ni?"

"Mẹ́tàlá. Ó máa ń di mẹ́rìnlá nígbà mìíràn."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Bíi ti Àbúrò."

"Bíi ti Àbúrò gẹ́lẹ́. Mò ń yọ àtúnṣe kúrò, mo sì ń yọ ti òwúrọ̀. Mo ní kí oníbàárà má baà sanwó àṣìṣe mi." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mi ò sì fẹ́ kí ẹ sọ pé mo ti darúgbó."

"Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?" Ohùn ọ̀gá lọ sókè, ó sì rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ni yíyọ. Ẹ̀yin, ẹ kọ òótọ́. Èmi ni màá pinnu èyí tí oníbàárà máa san àtèyí tí ọ́fíìsì máa gbé mì. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ti fọ́ mi lójú nìyẹn. Mo ti fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ nítorí pé ó sọ òótọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí n tún ti oṣù mẹ́ta kọ. Mo lè jókòó kí n rò ó."

"Kí ẹ rò ó látinú orí? Irọ́ kejì nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀. Màá kọ ọ́ sí i pé kò ṣeé gbára lé. Láti òní lọ, bí ẹ bá ṣe ń parí nǹkan kan ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́, ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́."

Ó pa ọgọ́rin rẹ́, ó kọ àádóje. Ó pa ọ̀sẹ̀ kan rẹ́, ó kọ méjì. Ó wá pe oníbàárà lórí fóònù. Láti ìta ni Ìyá Kíá ti ń gbọ́ bí ẹni ọ̀hún ṣe ń pariwo. Ó ń yí òrùka ìka rẹ̀ títí ó fi dùn ún. Níkẹyìn, oníbàárà ní àwọn yóò rò ó wò.

Ní ọjọ́ Ajé, èsì dé: kí wọ́n kọ́kọ́ ya ìwé mẹ́fà, àwọn yóò wo ọwọ́ wọn. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́tàlá, wákàtí méjìdínlọ́gọ́rin. Èèyàn méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá pín in sí méjì, mẹ́ta fún Àbúrò, mẹ́ta fún Ìyá Kíá, kò sì sọ̀rọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni máa lọ mọ́.

Àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà kan Ìyá Kíá. Ó yà á, ó ṣì í yà, ó tún un yà. Ó ṣí ìwé wákàtí. Yíyà: wákàtí méjì. Àtúnṣe àṣìṣe ara mi: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, ojú ń tì í bí ẹni tí aṣọ ya mọ́ lára níta gbangba. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà wá ṣí i wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" Àbúrò bi í.

"Kò sí nǹkan. Gbájú mọ́ tìrẹ," ó ní, ó sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn kejì sílẹ̀.