Àámù Òsì Inú Fọ́tò

Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Kó o ṣáà fi fọ́tò irin tó ti jẹ ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀, kó o sọ irú ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Á wò ó, á fún ètè pọ̀, á nawọ́ sókè, á sì fa èyí tó bá a mu yọ láàárín àwọn irin tó so rọ̀ láti àjà.

Ohun kan ni kì í gbà gbọ́: ọ̀rọ̀ ẹnu mẹkáníìkì nípa òsì àti ọ̀tún. Àwọn kan ń fi ìjókòó awakọ̀ mọ òsì. Àwọn kan á dúró níwájú ọkọ̀, wọ́n á kọjú sí i, òsì á di ọ̀tún mọ́ wọn lójú. "Ẹnu lè ṣìnà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "fọ́tò ò lè ṣìnà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe mẹkáníìkì ní ìlú kejì pè é.

"Bọ̀dá, àámù ọkọ̀ mi ti jẹ, irin tó di táyà iwájú mú lábẹ́. Bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ ti ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Mo ti tú u, mo sì ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́."

"Apá wo?"

"Òsì."

"Òsì ta ni?"

"Òsì awakọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìdájí ọ̀la la gbọ́dọ̀ gbé Màmá lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Tí dókítà yẹn bá ti lọ, ó di oṣù mẹ́ta kó tó padà wá."

Ojú Àṣá ṣí fọ́tò náà. Ìpẹtà ti jẹ nọ́ńbà ara irin náà tán, àmọ́ ibi tó tẹ̀ kò farasin, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí búúṣì, rọ́bà ńlá inú rẹ̀, wà. Ọ̀tún ni.

"Ọmọ yìí tún ti lọ dúró níwájú ọkọ̀," ló ń kùn. Ó di àámù ọ̀tún, ó sì fi rán awakọ̀ tó ń lọ sọ́hùn-ún.

Ìyá Ọlọ́ìlì, tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra, yọjú. "Ṣebí òsì ni mo gbọ́ tó pè?"

"Ìyá, ẹ máa ta ọ́ìlì yín."

"Mo ń tà á. Etí mi ni kò ní ilẹ̀kùn."

Ìrọ̀lẹ́ ti dé nígbà tí fóònù tún dún.

"Bọ̀dá, ọ̀tún lẹ fi ránṣẹ́ o!"

"Ọ̀tún lo yà."

"Mo tẹ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀ báyìí. Bí ọwọ́ mi méjèèjì ni wọ́n rí."

"Yí i dà, kó o tún un wò."

"Tí mo bá yí i dà, bọ́ọ̀lù á kọjú sókè. Ṣé orí òrùlé ọkọ̀ ni kí n so táyà mọ́ ni?"

Inú bí Ojú Àṣá. "Tún un yà! Gbé téèpù ìwọ̀n tì í, kí n mọ̀ bó ṣe gùn tó. Ó lè jẹ́ àámù ọkọ̀ mìíràn lo tú."

Fọ́tò dé. Gígùn rẹ̀ pé. Ó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ kó tó tẹjú mọ́ téèpù náà. Ẹ̀yìn ni gbogbo nọ́ńbà orí rẹ̀ kọ. Ìwọ̀n tó yẹ kó máa lọ sí ọ̀tún ń lọ sí òsì.

"Kámẹ́rà wo lo fi yà á?"

"Tiwájú. Tẹ̀yìn ti fọ́."

"Èyí tí wọ́n fi ń ya ojú ara wọn?"

"Òun náà ni."

"Ó ń yí nǹkan padà bíi dígí, ìwọ ọmọ yìí!"

"Mi ò mọ̀, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín pé òsì ni."

Ó já àámù òsì lulẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sáré dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ ìkẹyìn ti lọ. Ó bẹ awakọ̀ mìíràn títí. Onítọ̀hún ní ilé lòun ń lọ. Òun tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fún gbogbo ayé, kò ní ọkọ̀.

"Wá ọkọ̀ ẹlòmíràn," ló sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Mo ti kan gbogbo ilẹ̀kùn tó yẹ kí n kàn. Màmá ní kí n gbé e fún àwọn."

Ohùn ìyá wọn wọlé, ó rọra. "Kí ló dé tí ẹ̀ ń pariwo mọ́ra yín?"

"Màmá, èmi ni mo ṣì í. Mo wo fọ́tò, mi ò gbọ́ tẹnu ẹ̀."

"Èmi tí mi ò ríran, ohùn yín ni mo fi ń mọ̀ yín," ni ìyá wí. "Ìwọ tó o ríran, o gbọ́ ohùn àbúrò rẹ, o ò gbà á gbọ́."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, àámù lórí itan rẹ̀, títí wọ́n fi tilẹ̀kùn.

Àámù náà bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa dé, oòrùn ti wọra, dókítà sì ti lọ. Irin náà wọ àyè rẹ̀ géérégé. Àbúrò rẹ̀ wa ọkọ̀ náà dé ìkóríta, ó wà á padà. Kò mì, kò dún. Ó pa á sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ bá Màmá tú aṣọ tó ti dì fún ọsibítù.