Eéwo Tí Bàbá Mi Kò Jẹ́ Kí N Wò

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ọ̀kà, kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kápúsù. Kì í ṣe kápúsù tí dókítà kọ fún aláìsàn ni mò ń wí o. Èyí tí wọ́n ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ ní kẹ́mísì ni, tí wọ́n á fà á ya sí méjì, tí wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí eéwo. Ìyẹ̀fun yẹn á gbẹ, á di èèpá, ojú eéwo á pa dé, olúwarẹ̀ á sì máa yọ̀ pé ó ti ń jinná. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọyún ń walẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Èmi ni n óò wá fi omi iyọ̀ rin èèpá náà títí yóò fi ṣí, ẹni tó ni eéwo á sì máa wò mí bíi pé èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Mo rántí ọlọ́kadà kan tó wá láti Ṣúpárè. Eéwo wà ní apá rẹ̀, ó tó ìdajì àgbálùmọ̀. Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó ń rìn lábẹ́ ìka mi bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, mo sì mọ̀ pé ó ti gbó. Ara rẹ̀ kò gbóná, pípọ́n rẹ̀ kò tàn kọjá etí eéwo, kò ní àìsàn mìíràn, géńdé tí ara rẹ̀ le koko ni. Mo gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú, mo là á, ọyún jáde, mo fọ ihò rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀sì bò ó. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì tètè wá bí ibà bá mú un tàbí bí pípọ́n náà bá ń tàn.

Ó jókòó, kò dìde. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, oògùn mi ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí abọ́ ọyún. Mo ní, "Ohun tí oògùn ì bá bá jà ló wà nínú abọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú ọyún, ọ̀nà ibẹ̀ ti dí. Bí o bá gbé odindi páálí kápúsù mì, ẹ̀yìn ògiri ni yóò dúró sí."

Ó ní ahun ni mí. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó gba kẹ́mísì lọ. Nígbà tí apá rẹ̀ jinná tán, kẹ́mísì ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì ń rò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ní oṣù yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù láti Ìkàrẹ́. Ó ní eéwo yọ sí Bàbá ní ìdí, ní apá òsì, kò lè jókòó.

Àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ni bàbá mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí awọ àgbò rẹ̀, tí àwọn ọmọ tó ní wàláà lọ́wọ́ yí i ká. Nígbà tí mo dé ilé lọ́jọ́ Àìkú, ìdúró ló wà, ó fara ti ògiri, ó ń gbọ́ kéwú lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó jẹ́ kí n wo ibẹ̀.

Ó ní, "Wo kí ni?"

"Eéwo náà, Bàbá."

"Àwúrà mi, ìhòòhò mi, ni ìwọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ wò? Gbé oògùn wá."

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi wò ó. Bàbá kò gbà fún òun náà, ó ní ọmọ kì í wo ìhòòhò bàbá. Bí ìyá wa bá wà láyé ni, òun ni ì bá wò ó, ṣùgbọ́n ó ti di olóògbé. Mo ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó níbẹ̀. Ó ní ta ni yóò gbọ́ kéwú lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Inú bí mi sí i, ojú sì ń tì mí, méjèèjì pọ̀ nínú mi. Mo dìde, mo padà sí Ọ̀kà.

Mo fi kápúsù ránṣẹ́.

Èmi náà tí ọlọ́kadà pè ní ahun. Mo dì í sínú àpòòwé, mo fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìkàrẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ bí Bàbá yóò ṣe máa lò ó. Mo sọ fún ara mi pé yóò dá a dúró títí n óò fi rí àyè pa dà lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún mo pè é, ó ní ó ń dín kù. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí mò ń gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Dípò kí n wọ mọ́tò, mo tún pààrọ̀ oògùn: mo ní kí kẹ́mísì tó wà nítòsí ilé wọn máa gún un ní abẹ́rẹ́ olówó ńlá ní apá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ kò jìnnà. Ẹni tó bá tètè kúrò nílé á dé ibẹ̀ kí ẹ̀kọ tó jinná.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Ó ní Bàbá ń gbọ̀n, ó ṣubú níbi tó ti fẹ́ tẹ̀ sí rúkúù lórí ìrun ọ̀sán, ó sì ń sọ ìsọkúsọ.

Ìgbà tí mo dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkàrẹ́, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Dókítà ọkùnrin kan ló wò ó lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó jáde sí mi, ó ní eéwo náà tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá, pípọ́n rẹ̀ ti tàn dé itan, ó sì ti ń wá síwájú. Ó ní bó bá wọ abẹ́ rẹ̀ níwájú pẹ́nrẹ́n, Ọ̀wọ̀ ni wọn yóò gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ ńlá, òun kò sì lè ṣèlérí pé yóò bọ̀. Ó wá bi mí pé kí la ti fún un.

Mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró, ó wo bájì tó wà láyà mi.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó padà sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì nígbà tí wọ́n ń là á. Mo gbọ́ tí Bàbá ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ohùn, nítorí abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ọyún bá pọ̀ sí. Òórùn náà jáde sí mi. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó ń ran dókítà lọ́wọ́ gbé abọ́ kan jáde, ó kún, ó sì padà wá gbé òmíràn. Mo mọ̀ pé dókítà ń ti irin bọ inú rẹ̀ láti fọ́ àwọn yàrá kéékèèké tí ọyún sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Wọ́n bu díẹ̀ nínú ọyún náà fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá béèrè omi, ó sì béèrè bóyá àwọn ọmọ ti lọ sílé.

Dókítà kò dúró de èsì àyẹ̀wò kó tó fún un ní oògùn. Ó ní eéwo lásán, tí a bá ti là á lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ ìgbà kò nílò oògùn kankan. Ṣùgbọ́n ti Bàbá ti kọjá ìyẹn: ibà wà, ó ń tàn, ìtọ̀ ṣúgà wà, ọjọ́ orí wà, ibi tó wà pàápàá léwu. Ó fi oògùn mìíràn sínú dírípù, tí kì í ṣe ẹbí àwọn tí mo fi ránṣẹ́. Ó ní, "Lílà yẹn ni olórí. Bí a kò bá là á, èyí náà kò ní dá a ṣe."

Èsì jáde lọ́jọ́ kẹta. Kòkòrò tó wà nínú ọyún náà jẹ́ irú èyí tí odindi ìdílé oògùn kan kò ràn mọ́. Kápúsù mi wà lára wọn, abẹ́rẹ́ olówó ńlá wà lára wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi gba oògùn tí kò lè pa kòkòrò náà, tí kò tilẹ̀ lè dé ibi tí kòkòrò náà wà. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ká a, mo fi sí àpò. Inú bí mi sí kẹ́mísì, inú bí mi sí Bàbá, inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi tí kò fipá wò ó. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo mọ ẹni tó yẹ kínú bí mi sí, mo kàn ń yí i po ni.

Wọn kò gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà sílé. Ó ti wá gbà kí ẹ̀gbọ́n mi máa tọ́jú egbò náà. Èmi a dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá, n óò máa na gọ́ọ̀sì sí i, n óò máa wí fún un: fọwọ́ tẹ etí rẹ̀, ṣé ó le, má dí i pa, jẹ́ kó máa jinná láti ìsàlẹ̀ wá. Mo sè gbogbo táwẹ́lì ilé, mo pín in fún oníkálukú, mo ní kẹ́nikẹ́ni má lo ti ẹnìkejì, kí kòkòrò náà má baà ràn wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ti tọ́jú egbò tán, ó ti jáde. Bàbá pè mí wọlé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, aṣọ bò ó dé igbáàyà.

Ó ní, "Dókítà yẹn ní lílà ló gbà mí. Ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Àìkú yẹn."

Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ níta tí wọ́n ń ka kéwú láìsí ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà.

Ó ní, "Kí ló wá dé tí o fi oògùn ránṣẹ́ sí mi?"

Mo ní, "Ojú ni ó ń tì mí, Bàbá. Ẹ ní kí n má wò ó."

Ó ní, "Ojú ń ti èmi náà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."